Ẹ̀bùn fún ẹni tó fẹ́ràn fọ́tò yíyà: ẹ wo iwájú lẹ́ńsì kí ẹ tó rajà

Ẹ̀gbọ́n tó gbà mí sílé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú òkèèrè fẹ́ràn àtimáa ya fọ́tò odò àti igbó. Nígbà tí ọjọ́ ìbí wọn ń bọ̀, ó wù mí kí n fún wọn ní ohun tí wọn yóò máa lò, ṣùgbọ́n mi ò mọ nǹkan kan nípa kámẹ́rà.

Lẹ́ńsì ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ìyàwó wọn ló dá mi dúró: "Àbúrò mi, má rà á o. Lẹ́ńsì kámẹ́rà kan kì í sábà wọ òmíràn, ẹ̀gbọ́n ẹ sì ti mọ èyí tí wọ́n ń fojú sí." Wọ́n ní kí n ra fíltà tí wọ́n ń pè ní pọ́láráísà.

Gíláàsì roboto ni, iwájú lẹ́ńsì ni wọ́n ń dè é mọ́. Bí èèyàn bá ń yí i díẹ̀díẹ̀, dídán tí ìmọ́lẹ̀ ń dán lórí omi á máa pòórá, òkúta tó wà nísàlẹ̀ odò á sì hàn kedere. Ewé tó tutù náà á fi àwọ̀ rẹ̀ gidi hàn. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyí: ohun tí dídán yẹn bá ti bò nínú fọ́tò, kọ̀ǹpútà kò lè dá a padà lẹ́yìn náà. Èyí tí wọ́n kọ CPL sí lára ni kí ẹ wá.

Ìwọ̀n rẹ̀ ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. Mo bẹ ìyàwó wọn pé kí wọ́n ya iwájú lẹ́ńsì náà ránṣẹ́ sí mi. Mo rí 18-55mm, mo tún rí ø58. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bí lẹ́ńsì ṣe lè fa nǹkan sún mọ́ni tó. Èyí tó ní àmì ø níwájú ni ìwọ̀n fíltà. Ẹni tó bá lọ ra 55 kò ní rí i dè. Lẹ́ńsì wọn kejì jẹ́ ø67, nítorí náà 67 ni mo rà, mo sì fi òrùka irin kékeré tí wọ́n kọ 58-67 sí kún un, kí fíltà kan náà lè bá méjèèjì mu. Ẹ má ṣe ra ti kékeré fún lẹ́ńsì ńlá o, torí etí rẹ̀ lè dúdú wọ igun fọ́tò.

Bí ẹ kò bá rí àmì ø rárá, tí gíláàsì iwájú lẹ́ńsì sì yọ gọ̀ǹbù síta, fíltà kò ní ṣeé dè síbẹ̀. Bátìrì kejì ni kí ẹ rà nígbà náà. Ẹ ya àkọlé tó wà lára bátìrì fúnra rẹ̀, bíi LP-E17, kì í ṣe orúkọ kámẹ́rà, kí ẹ sì ra ti ilé iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà náà.

Fíltà yìí ń jẹ ìmọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi máa ń tú u kúrò bí wọ́n bá fẹ́ yàwòrán nínú ilé lálẹ́. Tí wọ́n bá ti ń lọ sí etí odò, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá.