Ẹ kú ọdún, ẹ̀yin oníbàárà wa

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún, ẹ̀yin oníbàárà wa ní Bódìjà. Màmá wa ní kí n bá àwọn kí yín, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró de adìyẹ lánàá.

Nígbà tí wọ́n kó páálí adìyẹ dídì dé láàárọ̀, Màmá ò jẹ́ ká kó o sínú fìrísà. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ tú páálí kan. Yìnyín pupa ti dì sí ìsàlẹ̀ ọ̀rá, àwọn itan sì ti lẹ̀ mọ́ra wọn pinpin. Bí adìyẹ tó yọ́ lójú ọ̀nà, tí wọ́n tún mú dì, ṣe máa ń rí nìyẹn: omi ara ẹ̀ á ti ro jáde kó tó tún dì. Òtútù kì í sì í pa gbogbo kòkòrò tó ti pọ̀ sára ẹran nígbà tó yọ́, ńṣe ló kàn ń dá wọn dúró. Màmá ní kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ padà, bẹ́ẹ̀ èrò ti tò dé ẹnu géètì! Ìrọ̀lẹ́ ni òmíràn tó dé. Ẹ ò bínú, ẹ ṣeun gan-an ni.

Ẹ jẹ́ kí tiyín yọ́ nínú fìríìjì mọ́jú, ẹ má gbé e síta. A ò ní ṣí lọ́la tí í ṣe Kérésì, àmọ́ láago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ 26, a ti wà níbẹ̀. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé o.