Owó ikú òṣìṣẹ́: ọ̀rọ̀ mi sí ẹ̀yin ọmọ pásónẹ́lì

Ẹ̀yin àbúrò mi, ọdún yìí ni mo máa fẹ̀yìn tì, mi ò sì ní i lọ́kàn láti kọ nǹkan kan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó mú mi kọ ọ́ ni ọ̀kan nínú yín tí mo gbọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ń sọ fún opó kan lórí fóònù pé kó lọ gba ìwé àṣẹ ogún wá láti kóòtù kó tó lè rí owó ìnṣọ́ránsì ọkọ rẹ̀ gbà. Mo ní kó gbé fóònù yẹn fún mi.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ. Àkọ́kọ́ ni pé owó méjì ló wà, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà jáde kò pa pọ̀. Owó tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù sínú àkáúńtì pẹ́ńṣàn jẹ́ dúkìá olóògbé. Ìyẹn ló ń béèrè ìwé àṣẹ ogún láti kóòtù gíga ní Ríìngì Róòdù, àfi bí olóògbé bá ti kọ ìwé ìhágún tí kóòtù sì fọwọ́ sí i. Owó ìnṣọ́ránsì tí ilé-iṣẹ́ ń san fún gbogbo òṣìṣẹ́ lápapọ̀ yàtọ̀ sí i. Lábẹ́ òfin pẹ́ńṣàn ti 2004, inú àkáúńtì pẹ́ńṣàn yẹn náà ni wọ́n ń dà á sí, ibẹ̀ ni àwọn àgbà ọ́fíìsì ti kọ́ àṣìsọ tí wọ́n fi lé yín lọ́wọ́. Òfin 2014 ti yí i padà: ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ló máa sanwó náà fún ẹni tí òṣìṣẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé kó gbà á. Ìwé ẹ̀rí ikú láti ọ̀dọ̀ àjọ ìkànìyàn, lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́, páyísílíìpù ìkẹyìn, káàdì ìdánimọ̀ àti nọ́ńbà báńkì ẹni tó fẹ́ gba owó, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tí àwa fúnra wa máa kọ, ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Bó bá jẹ́ jàǹbá ọkọ̀ ló pa á, ẹ fi ìwé ọlọ́pàá kún un. Ẹ má rán opó lọ sí kóòtù nítorí owó tí kò gba kóòtù.

Ẹ̀kejì ni déètì, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti máa gùn.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín, ní agbègbè Olúyọ̀lé, ẹni kan wà tó ń bójú tó ẹ̀rọ, Bàbá Ìbejì la máa ń pè é. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2019. Ìyàwó rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ wà nínú fọ́ọ̀mù, gbogbo ìwé pé, mo sì kó wọn ránṣẹ́ sí àwọn oníṣọ́ránsì ní Dùgbẹ̀. Lẹ́tà tí wọ́n fi dá wa lóhùn kò ju ìpínrọ̀ méjì lọ. Wọ́n ní kò sí ìnṣọ́ránsì lórí ọkùnrin náà lọ́jọ́ tó kú.

Mo gbé sátífíkéètì méjèèjì kalẹ̀ lórí tábìlì. Ti àtijọ́ parí ní 31 oṣù Kejìlá. Tuntun bẹ̀rẹ̀ ní 28 oṣù kìn-ín-ní, ọjọ́ yẹn gan-an ni rìsíìtì fi hàn pé owó wọlé. Ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ṣófo láàárín wọn, àárín wọn náà ni Bàbá Ìbejì kú sí. Òfin ìnṣọ́ránsì sọ ọ́ gbangba pé bí púrímíọ̀mù, ìyẹn owó tí ilé-iṣẹ́ ń san fún ìnṣọ́ránsì, kò bá tíì wọlé, kò sí ìnṣọ́ránsì, nítorí náà mi ò lè bá àwọn ará Dùgbẹ̀ jà. Ọ̀gá àkáúńtì wa ni mo fẹ́ bá jà. Láti oṣù kọkànlá ni bùrọ́kà tó ń bá wa ṣètò ìnṣọ́ránsì ti fi ìwé owó ránṣẹ́, mo sì fọwọ́ ara mi gbé e dé orí tábìlì rẹ̀. Ó ní kò sí ìkánjú, ìgbà tí a bá fẹ́ du kọntiráàtì la máa san án. Bí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ṣe ń rò nìyẹn: nítorí pé Péńkọ́ọ̀mù, àjọ ìjọba tó ń bójú tó pẹ́ńṣàn, máa ń béèrè ẹ̀rí ìnṣọ́ránsì yìí kó tó fún wọn ní ìwé tí wọ́n fi ń du iṣẹ́ ìjọba, wọ́n kà á sí ìwé kọntiráàtì.

Ohun tí ọ̀gá yẹn kò kà ni pé òfin pẹ́ńṣàn kan náà sọ pé agbanisíṣẹ́ tí kò bá san púrímíọ̀mù lásìkò ni yóò wá bó ṣe máa san owó òṣìṣẹ́ tó bá kú láàárín ìgbà náà. Gbèsè ti di ti ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n pè é lójú opó ni ìrànlọ́wọ́ ìsìnkú. Wọ́n pe Ìyá Ìbejì wá, wọ́n fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lọ̀ ọ́, wọ́n sì gbé ìwé kan síwájú rẹ̀ pé kó fọwọ́ sí i. Obìnrin náà ti mú bírò. Ìlà tó gbẹ̀yìn ìwé yẹn kéré lójú, ó ní opó náà kò tún ní nǹkan kan í béèrè mọ́ láéláé. Èmi ni mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó lọ bá lọ́yà tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Wọn ò jẹ́ kí n gbàgbé ọjọ́ yẹn títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn máa sanwó, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò ọgbọ́n. Òfin ní ó kéré tán, ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tí òṣìṣẹ́ ń gbà lọ́dún. Àkáúńtì mú bésíìkì nìkan, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì lóṣù, wọ́n fi ṣe 1,440,000 náírà. Ṣùgbọ́n Bàbá Ìbejì ń gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n fún owó ilé àti ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fún ọkọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ lóṣù jẹ́ 95,000, lọ́dún 1,140,000, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 3,420,000. Nǹkan tó lé ní ìdajì owó opó ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ bésíìkì gé kúrò. Páyísílíìpù ni lọ́yà fi já wọn, ó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́, ó sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Péńkọ́ọ̀mù. Oṣù kẹsàn-án ni ìdajì jáde, ìyókù di oṣù Kejìlá. Ìgbà yẹn, owó ilé-ìwé àwọn ìbejì ti di gbèsè lọ́rùn ìyá wọn.

Ẹ fi wé ti akọ̀wé wa kan tó kú lọ́dún tó tẹ̀lé e, nígbà tí púrímíọ̀mù ti wọlé. Òfin tó wà nílẹ̀ nígbà náà fún oníṣọ́ránsì ní 90 ọjọ́ láti sanwó tàbí kí wọ́n kọ ìdí tí wọn ò fi ní san. Kò gba tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìwé pé, wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ máa fọwọ́ sí pé òun gbà iye owó náà. A kọ́kọ́ fi iye tó wà níbẹ̀ wé páyísílíìpù, ó sì tọ̀nà, ọkùnrin náà fọwọ́ sí i, owó wọlé. Owó pẹ́ńṣàn ìyàwó rẹ̀ ló ṣì ń dúró de kóòtù.

Ẹ̀kẹta tí mo ní mo fẹ́ sọ, ẹ máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi kí n tó lọ. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin àkáúńtì yẹn ṣì ń dùn mí. Ìnṣọ́ránsì tiwa níbí ń parí ní 31 oṣù Kejìlá. Púrímíọ̀mù tuntun kò tíì jáde. Mo ti kọ̀wé lé e lórí sí àkáúńtì, ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú fáìlì aláwọ̀ ewé. Ẹ lọ bá wọn lọ́jọ́ Ajé, kí ẹ má sì gba "a ti fi ránṣẹ́" lẹ́nu wọn. Rìsíìtì ni kí ẹ gbà.