Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa "can" àti "can't" nínú Gẹ̀ẹ́sì tí a ń yára sọ

Iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe ní Amẹ́ríkà, àwọn gbólóhùn tí mo sì gbọ́dọ̀ gbọ́ yékéyéké níbẹ̀ kì í gùn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé bá ń fa aláìsàn lé wa lọ́wọ́, ó lè sọ pé "He can take it with food", ìyẹn ni pé ọkùnrin náà lè lo oògùn rẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ. Bí ó bá jẹ́ "can't" ni ó pè, ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá, síbẹ̀ kì í ṣe ìró "t" tí wọ́n kọ́ wa láti máa retí ní ilé-ìwé ni yóò jẹ́ kí a mọ̀.

Nínú gbólóhùn àkọ́kọ́, fáwẹ̀lì inú "can" máa ń rọ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́, ohun tó bá kù yóò dà bí "kìn" tó ń sáré kọjá. "Take it" yóò so pọ̀ di "téékìt", ibẹ̀ sì ni agbára ohùn bọ́ sí. Nínú èkejì, "t" tó parí "can't" àti "t" tó bẹ̀rẹ̀ "take" máa ń wọnú ara wọn, ẹyọ kan ṣoṣo ni etí sì ń gbọ́. Fáwẹ̀lì "can't" ní tirẹ̀ kì í rọ: ó ń dún kedere, ó sì ń gba agbára ohùn. Fáwẹ̀lì yìí ni kí etí máa ṣọ́.

Àwa náà ń pa ìró jẹ, a ń pe "ra ẹja" ní "rẹja". Ṣùgbọ́n ibi tí fáwẹ̀lì méjì bá ti pàdé ni a ti ń ṣe é, sílébù tó bá ṣẹ́kù sì ń dún ketekete. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí kò gba agbára ohùn ni wọ́n máa ń gé, èyí ló fi jẹ́ pé "tell him" ń di "télìm".

Òfin yìí ní ààlà. Bí "can" bá parí gbólóhùn, bíi "Yes, he can", tàbí tí a bá tẹnu mọ́ ọn, fáwẹ̀lì rẹ̀ yóò padà sípò.

Láti kọ́ etí mi, mo máa ń bo àkọlé ìsàlẹ̀ fídíò, n ó sì máa fi ìka lu tábìlì níbikíbi tí agbára ohùn bá bọ́ sí. Gbólóhùn nọ́ọ̀sì yẹn yóò gba ìlù méjì, lórí "take" àti "food". Bí ó bá jẹ́ "can't", ìlù di mẹ́ta. Bí ó bá yára jù, mo ń dín in kù sí 0.75x. Ó sàn ju kí a bẹ ènìyàn pé kó rọra sọ ọ́, nítorí ẹni tó ń rọra sọ̀rọ̀ máa ń dá àwọn ìró tó gé padà, etí kò sì ní kọ́ ohun tó fẹ́ kọ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá kan oògùn, n kì í gbára lé etí nìkan. Mo máa ń béèrè pé "Can, or cannot?", nítorí sílébù méjì ni "cannot" ní, èkejì rẹ̀ kì í sì í sọnù.