Ṣájà àti jákẹ́ẹ̀tì tí àlejò gbàgbé: ohun tí ímeèlì owó ìdápadà kọ́ mi

Mi ò tíì pẹ́ nídìí tábìlì ìgbàlejò ilé-ìtura wa nígbà tí ọmọbìnrin tó ń tún yàrá ṣe gbé nǹkan méjì wá bá mi: ṣájà kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ṣì wà lójú iná lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, àti jákẹ́ẹ̀tì dúdú tí àlejò fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tó ni wọ́n ti wọ bàálù. Nígbà tó kọ̀wé pé kí a bá òun fi wọ́n ránṣẹ́, mo gbé méjèèjì sórí ìwọ̀n: ṣájà ìdajì kìlò ó dín díẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì kò tó kìlò kan, àpapọ̀ rẹ̀ kìlò 1.3. Mo wo iye tí àwọn tó ń gbé ẹrù ń gbà lórí kìlò 1.5, mo kọ ímeèlì ìlà mẹ́ta, ó sanwó lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìgbà tó sanwó tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá páálí. Èyí tí mo rí gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40, ó fẹ̀ ní 30, ó sì ga ní 20. Nígbà tí agbẹ́rù dé, ó fi téèpù wọn páálí náà, ó ní kìlò 5 ni òun máa gbà owó lé lórí. Mo ní kí ó gbé e sórí ìwọ̀n kí ó rí i. Ó rẹ́rìn-ín.

Ààyè tí ẹrù gbà nínú ọkọ̀ ni wọ́n ń ṣírò. Wọ́n á fi gígùn ṣe ìsọdipúpọ̀ ìbú àti gíga, gbogbo rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á wá fi 5000 pín in. Ti páálí mi jẹ́ 24000, tí a bá fi 5000 pín in, ó di kìlò 4.8. Èyí tó bá pọ̀ jù láàárín iye yìí àti ohun tí ìwọ̀n sọ ni wọ́n máa gbà owó lé, wọ́n á sì sún un sókè dé ìdajì kìlò tó kàn. Gbogbo ilé-iṣẹ́ kọ́ ló ń lo 5000, àwọn kan ń lo 6000, nítorí náà ẹ bi wọ́n kí ẹ tó ṣírò.

Mo tún kọ̀wé sí àlejò náà pé owó kù. Èsì rẹ̀ kò gùn: "Ẹ̀yin lẹ dá iye lé e, mo sì ti san án." Òun ló jàre. Ilé-ìtura ló san ìyókù, ojú sì tì mí.

Láti ìgbà náà, mi ò kọ iye owó sínú ímeèlì àfi tí mo bá ti di ẹrù tán tí mo sì ti wọ̀n ọ́n. Jákẹ́ẹ̀tì ló ń gba ààyè, ṣájà ló ń wúwo. Mo máa ń ká okùn ṣájà láìfà á le, mo á yí eyín rẹ̀ sínú kó má baà dá àpò lu, mo á wá fi jákẹ́ẹ̀tì wé e, mo á tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí n tó tì í sínú àpò ọ̀rá líle tí àwọn agbẹ́rù ń lò. Ẹrù kan náà tó jẹ́ 4.8 nínú páálí wá di sẹ̀ǹtímítà 35 ní 28 ní 8. Èyí jẹ́ 1.57, wọ́n á kà á sí kìlò 2. Jákẹ́ẹ̀tì awọ tàbí èyí tí èjìká rẹ̀ le kò ṣeé tẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Páálí nìyẹn ń fẹ́, owó rẹ̀ á sì pọ̀.

Kí n tó di ẹrù, èmi àti ẹnì kan máa ń tú àpò jákẹ́ẹ̀tì wò, a á sì kọ ohun tí a bá nínú rẹ̀ sínú ìwé ẹrù ìgbàgbé. Kì í ṣe nítorí owó nìkan. Ṣájà fúnra rẹ̀ kò ní bátìrì, kò sí wàhálà lórí rẹ̀. Àmọ́ tí páwà báǹkì bá wà nínú àpò, bátìrì litíọ́mù ni, òfin tirẹ̀ yàtọ̀ nínú bàálù. Láítà náà kò gbọdọ̀ bá ẹrù lọ láìsọ. Ẹ yọ wọ́n sọ́tọ̀, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ni wọ́n.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣájà àti jákẹ́ẹ̀tì tún jọ kù sí yàrá mìíràn. (Ó jọ pé àwọn méjèèjì ń bá ara wọn rìn.) Ohun tí mo kọ nìyí:

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. A rí ṣájà kọ̀ǹpútà kan àti jákẹ́ẹ̀tì kan nínú yàrá tí ẹ sùn, wọ́n wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ wa. Tí wọ́n bá jẹ́ tiyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ àwọ̀ jákẹ́ẹ̀tì náà àti orúkọ tó wà lára ṣájà.

A ti dì wọ́n, a sì ti wọ̀n wọ́n. Méjèèjì pa pọ̀ jẹ́ kìlò 2 lójú agbẹ́rù, iye rẹ̀ wà nínú ìwé tí a so mọ́ ímeèlì yìí. Jákẹ́ẹ̀tì nìkan jẹ́ kìlò 1.5, iye tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Iye tí agbẹ́rù máa gbà nìyẹn, a kò fi nǹkan kan lé e. Tí aṣọ́bodè orílẹ̀-èdè yín bá bù owó lé e, ọwọ́ yín ni wọ́n á ti gbà á, kò sí nínú iye yìí.

Tí ẹ bá ní agbẹ́rù tiyín, ẹ rán wọn wá gbé e, ẹ kò ní san nǹkan kan fún wa. Ẹ sì lè rán ẹnì kan wá mú un, tí ẹ bá kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. A kò ní yọ owó lára káàdì tí ẹ fi san owó yàrá; tí ẹ bá ti mú èyí tí ẹ fẹ́, a máa fi ojú ìwé ìsanwó ránṣẹ́. A ó tọ́jú wọn fún ọjọ́ 90."

Àdírẹ́sì tí àlejò fúnra rẹ̀ fún wa nìkan ni mo ń kọ ọ́ sí. Mi ò jẹ́ pe fóònù ilé ẹnikẹ́ni láti sọ pé jákẹ́ẹ̀tì wà lọ́dọ̀ wa, torí a ò mọ ẹni tó máa gbé e, a ò sì mọ ibi tí onítọ̀hún sọ pé òun lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-ìtura kan kì í fi kọ́kọ́ kọ̀wé rárá títí àlejò á fi béèrè. Àwọ̀ àti orúkọ tí mo pa mọ́ ní tèmi, kí ẹlòmíràn má baà wá gba ẹrù ẹlẹ́rù ni.

Ìlà iye méjì yẹn ló wúlò jù. Owó tí yóò gbé ṣájà kọjá òkun lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tuntun, ẹni tó ni ín ló yẹ kó pinnu. Àlejò náà dáhùn lálẹ́ ọjọ́ náà: jákẹ́ẹ̀tì nìkan ni kí a fi ránṣẹ́, òun ti ra ṣájà mìíràn, kí a fún ẹni tó bá nílò èyí tó kù. Mo ní kí ó kọ ọ́ ní ìlà kan péré pé ó yọ̀ǹda rẹ̀. Ó kọ ọ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ẹrù ìgbàgbé, mo sì gbé ṣájà náà fún ọmọbìnrin tó rí i.