Fóònù mi ti mọ ojúsàájú

Dádì Lọ́kọ́ja ló sọ ọ́, èmi kọ́ ni wọ́n sọ ọ́ sí o, Mọ̀ọ́mi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, Mọ̀ọ́mi sì ti fi fóònù sí sípíkà bí ìṣe wọn, èmi jókòó síbẹ̀ ní Ìsánlú mò ń ṣa ẹ̀wà. "Ọmọ ẹ yẹn, fóònù ẹ̀ náà ti mọ ojúsàájú, ó ń dún fún àwọn kan, kì í dún fún àwa kan." Mọ̀ọ́mi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ sí ti páànù òrùlé. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Mo ti padà sí Kàbbà. Mọ́tò pẹ́ kó tó kún, eruku bò wá dé eyín. Ìyẹn ti tán.

Ojúsàájú, kẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ bí iṣẹ́ alẹ́ náọ́ọ̀sì ṣe rí. Kí n tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, kí n tó wẹ̀, kí n tó fi nǹkan sẹ́nu, oòrùn ti gòkè, ìgbà tí mo bá sì fẹ́ dijú gan-an ni gbogbo ayé ń jí. Báńkì á fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́, àwọn tó ń ta data á fi tiwọn ránṣẹ́, gúrúùpù ẹbí á bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn káàárọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwòrán òdòdó. Mi ò sì lè pa fóònù pátápátá, torí lórí ọ̀pọ̀ Áńdróìdì, tó o bá pa á, aláàmù náà ti kú pẹ̀lú ẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Mọ̀ọ́mi kì í sọ fúnni kó tó gòkè.

Ìdí tí mo fi lọ sí Settings nìyẹn, mo wọ Notifications, mo wọ Do Not Disturb, ibi téèyàn ti ń pa fóònù lẹ́nu mọ́ láìpa á. Lórí fóònù ẹlòmíì abẹ́ Sound ló máa wà, àwọn tó dé gbẹ̀yìn ń kó o sábẹ́ Modes. Tó o bá wọlé, wàá rí People, wàá rí Calls, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa bi ẹ́ pé ta lo fẹ́ kí ìpè ẹ̀ wọlé. Mo mú Starred contacts. Ó wá kù kí n lọ sínú orúkọ àwọn èèyàn tí mo fi pamọ́, kí n ṣí orúkọ kan, kí n tẹ ìràwọ̀ tó wà lókè. Ẹni tó bá ní ìràwọ̀, fóònù á dún fún un. Ẹni tí ò bá ní, ìpè ẹ̀ á wọlé ní ìdákẹ́jẹ́, màá rí i tí mo bá jí.

Àbí ẹ ò rí i, ojúsàájú náà ni. Kí ni mò ń jà sí.

Mọ̀ọ́mi gba ìràwọ̀. Mátíròònì gba. Àbúrò mi ní Ìlọrin gba. Ẹni tó kù ni Ìyá Ṣeun ilé kejì, ẹnu sì lè yà yín, ṣùgbọ́n tí iná ò bá sí ní Ìsánlú, tí bátìrì Mọ̀ọ́mi bá kú, fóònù Ìyá Ṣeun ni wọ́n máa yá pè mí. Tí n ò bá fún un ní ìràwọ̀, ọjọ́ tí mo ṣe gbogbo ètò yìí dè gan-an ni fóònù máa dákẹ́. Láìnì méjèèjì Mọ̀ọ́mi, abẹ́ orúkọ kan ṣoṣo ni mo kó wọn sí, torí orúkọ ni ìràwọ̀ ń lẹ̀ mọ́, nọ́ńbà tó bá dá wà níta ò ní jẹ nínú ẹ̀.

Dádì Lọ́kọ́ja ò gba ìràwọ̀. Mi ò kórìíra wọn o. Mo kàn bi ara mi pé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nílé, ta ló máa kọ́kọ́ mọ̀? Dádì kọ́. Ẹ̀yìn wa ni wọ́n máa ń gbọ́. Ó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n Dádì ló san owó fọ́ọ̀mù tí mo fi wọ ilé ẹ̀kọ́ náọ́ọ̀sì, lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò...

Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀.

Kí n tó kúrò ní Ìsánlú, mo ní kí Mọ̀ọ́mi lọ sí ìdáná kí wọ́n pè mí, mo fi fóònù sórí àga. Iná ojú ẹ̀ tàn, orúkọ Mọ̀ọ́mi jáde gbàgàdà, ṣùgbọ́n kò dún. Mọ̀ọ́mi ní "Òkun o, ṣé o ti sùn ni?" Ohun tó fà á ni pé wọ́ọ̀dù ni fóònù yẹn ti ń bọ̀, ohùn ìpè ṣì wà ní òdo. Do Not Disturb dà bí ọlọ́dẹ ẹnu géètì, ó lè ní kí àlejò wọlé, kò ní bá a pariwo. Mo tẹ bọ́tìnì ohùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, mo ṣí gbogbo ìlà tó wà níbẹ̀, mo fa ti ìpè sókè. Ìlà ti aláàmù yàtọ̀ gedegbe sí i, ìdí nìyẹn tí aláàmù fi lè jí ẹ dáadáa kí ìpè má sì dún rárá, wàá wá rò pé kò sóhun tó ṣe fóònù. Mo tún wo inú Do Not Disturb bóyá Alarms wà ní títàn, torí Áńdróìdì gbà kéèyàn pa ìyẹn náà. Ti àiféònù àbúrò mi, aláàmù aago ẹ̀ á ṣáà dún. Ó sì tún ní Emergency Bypass lábẹ́ Ringtone orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan, ìyẹn á dún kódà tí fóònù bá wà ní sáílẹ́ǹtì. Ó fi ń yangàn sí mi.

Wọ́sáàpù ní tiẹ̀, mi ò ṣílẹ̀kùn fún un lábẹ́ Apps, àwọn òdòdó yẹn ni mo ń sá fún. Mo sọ fún Mọ̀ọ́mi pé tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kánjúkánjú, káàdì ni kí wọ́n fi pè.

Ohun tó wá ń dùn mí ni Repeat callers. Mo tan ìyẹn náà. Tí ẹnì kan náà bá pè lẹ́ẹ̀kejì láàárín ìṣẹ́jú 15, fóònù á dún, ì báà má ní ìràwọ̀ kankan (ti àiféònù, ìṣẹ́jú 3 ni). Mo lọ wo ìpè Dádì lónìí. Wọ́n pè ní àárọ̀, wọ́n tún pè ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan. Tí wọ́n bá ti tún un tẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ni, mi ò bá ti jí! Kò sẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n tíṣà àgbà ni Dádì, wọn kì í pe ọmọdé lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ sì ni kò yẹ kí wọ́n máa pè é lẹ́ẹ̀mejì kó tó jẹ́, ṣé ẹ rí i, mi ò tún mọ ẹni tí mò ń gbè mọ́.

Mo lè fún wọn ní ìràwọ̀ kíá, ìṣẹ́jú kan ò ní pé. Àmọ́ tí mo bá fún Dádì, Àǹtí Mopa ń kọ́, Bọ̀ọ̀dá Ẹ̀gbẹ́ ń kọ́, àwọn tó ń pè láti béèrè bóyá òjò rọ̀ ní Kàbbà.

Màá pè wọ́n lọ́la kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n máa tún un pè lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á sì sọ fún Mọ̀ọ́mi, Mọ̀ọ́mi á sọ ọ́ sí gúrúùpù, gbogbo ẹbí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní méjì méjì...