Oṣù orí omi tí wọn kò kà fún mi

Ẹ̀yin àbúrò tó fẹ́ wọṣẹ́ kádẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ọ́físà lórí ọkọ̀ òkun, máa ń bi mí pé ọdún mélòó ló ń gbà kéèyàn tó di kápútéènì. Oṣù ni mo máa ń ní kí ẹ kà, ẹ fi ọdún sílẹ̀. Oṣù tẹ́ ẹ bá fi sinmi nílé láàárín ọkọ̀ kan sí òmíràn kò sí nínú ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo èyí tẹ́ ẹ bá lò lórí omi náà ni wọ́n máa gbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyẹn ti gbé mi ṣánlẹ̀.

Àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo ṣì wà ní kádẹ́ẹ̀tì. Àdéhùn àgbáyé tó ń jẹ́ STCW sọ pé kí kádẹ́ẹ̀tì tó di ọ́físà tó lè dá ṣọ́ ọkọ̀, ó gbọ́dọ̀ ní oṣù 12 lórí omi, bó bá gba ọ̀nà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí, tó sì ní ìwé àkọsílẹ̀ ìkọ́ṣẹ́. Ẹni tí kò bá gba ọ̀nà yẹn, oṣù 36 ni tirẹ̀. Ohun tí mo fojú fò ni pé oṣù 6 nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìṣọ́ ní bíríìjì, yàrá tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀, lábẹ́ ojú kápútéènì tàbí ọ́físà tó kúnjú ìwọ̀n.

Mo lo oṣù 5 àti ọjọ́ 4 lórí ọkọ̀ àkọ́kọ́. Òòlù ni mo fi ń gbá irin tó dógùn-ún lójú ọkọ̀ látàárọ̀, tí mo bá gbá a tán, mo kùn ún lọ́dà. N kò ṣọ́ bíríìjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lórí ọkọ̀ kejì, mo lo oṣù 4 àti ọjọ́ 11, oṣù 2 péré ni mo fi wà ní bíríìjì. Ìkẹta jẹ́ oṣù 2 àti ọjọ́ 20, bíríìjì ni gbogbo rẹ̀. Ẹ rò ó pọ̀: oṣù 12 àti ọjọ́ 5. Inú mi dùn, mo kó ìwé lọ. Ọkùnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò ṣí i lẹ́ẹ̀kan, ó yí i padà sí mi: "Ìṣọ́ bíríìjì rẹ, oṣù 4 àti ọjọ́ 20 ni." Ogójì ọjọ́ ni mo jẹ, ṣùgbọ́n ta ló máa gba kádẹ́ẹ̀tì fún ogójì ọjọ́? Mo tún wọ ọkọ̀ fún oṣù 4.

Nítorí náà, láti oṣù kejì tẹ́ ẹ bá ti wọ ọkọ̀, ẹ lọ bá ṣíìfù méètì, igbákejì kápútéènì, kí ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìṣọ́ bíríìjì." Aago mẹ́rin sí mẹ́jọ ló sábà máa ń jẹ́ tirẹ̀, ìgbà tí oòrùn ń yọ àti ìgbà tó ń wọ̀, ó sì dára fún kíkọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìràwọ̀ mọ ibi tí ọkọ̀ wà.

Èkejì dùn mí jù, torí mo ti dàgbà tó láti mọ̀. Kí èèyàn tó gba ìwé ẹ̀rí ṣíìfù méètì fún ọkọ̀ tó tó 3,000 gírọ́ọ̀sì tọ́ńnéèjì, ìyẹn ìwọ̀n bí ọkọ̀ ṣe tóbi tó, ó gbọ́dọ̀ ti ṣe ọ́físà fún oṣù 12. Fún ti kápútéènì, oṣù 36 ni, àmọ́ ó lè dín sí 24 bí oṣù 12 nínú rẹ̀ bá jẹ́ iṣẹ́ ṣíìfù méètì. Mo ti gba ti ṣíìfù méètì, mo sì wà lórí ọkọ̀ bíi sẹ́kọ́ńdì méètì, ipò tó tẹ̀ lé ti ṣíìfù, nígbà tí àìsàn gbé ṣíìfù wa lọ sílé. Kápútéènì ní kí n bọ́ sípò rẹ̀, mo sì ṣe é fún oṣù 4. Lọ́jọ́ tí mo sọ̀kalẹ̀, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé atukọ̀ mi, n kò wò ó. Sẹ́kọ́ńdì méètì ni wọ́n kọ síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tí mo lọ béèrè fún ti kápútéènì, mo ti ní oṣù 32. Nínú ìṣirò tèmi, 12 jẹ́ tẹ́ẹ̀dì méètì, 8 jẹ́ sẹ́kọ́ńdì, 12 jẹ́ ṣíìfù. Nínú ìwé, 12, 12 àti 8 ni. Oṣù 32 kò tó 36, oṣù 8 kò sì tó 12, ọ̀nà méjèèjì dí. Kápútéènì tó gbé mi ga ti kúrò ní ilé iṣẹ́ yẹn, lẹ́tà rẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ mi. Mo padà sórí omi fún oṣù 4 mìíràn.

Bí wọ́n bá yí ipò yín padà láàárín ìrìn àjò, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ bí ẹni tó sọ̀kalẹ̀ tó sì tún gorí ọkọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ìlà méjì, ipò méjì. Kí ẹ sì gba lẹ́tà kápútéènì kó tó di pé ẹ gbé àpò yín: orúkọ ọkọ̀, tọ́ńnéèjì rẹ̀, ipò, ọjọ́ ìgorí àti ọjọ́ ìsọ̀kalẹ̀, iye oṣù ìṣọ́.

Ọdún méjì gbáko ni ìwé ẹ̀rí kápútéènì fi wà nínú àpò mi lẹ́yìn náà, tí mo ṣì ń ṣe ṣíìfù méètì, kí ilé iṣẹ́ tó gbé ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́.