Tí wọ́n bá ní "a máa pè yín padà", ẹ gbé bírò

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí wúlò gan-an fún ẹni tó ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì fáíbà ní Èkó. Ṣómólú ni ṣọ́ọ̀bù wa wà, iṣẹ́ ìtẹ̀wé là ń ṣe, àwọn kọ́sítọ́mà máa ń fi fáìlì ránṣẹ́ láti Ìkẹjà, láti Ìsàlẹ̀ Èkó, torí náà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti lọ, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Lọ́jọ́ kan iná LOS pọ́n lára àpótí fáíbà wa. Tí iná yẹn bá pọ́n, àmì ò gba inú wáyà wọlé mọ́ nìyẹn, ẹ lè pa á kẹ́ ẹ tún tàn án títí, tó bá jẹ́ wáyà ló já, àfi kí wọ́n rán ínjíníà wá. Mo pe iléeṣẹ́ tó ń fún wa ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọ́n ní wọ́n máa pè mí padà láàárín wákàtí 24, ni wọ́n bá dákẹ́ lọ gbári.

Ìwé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, orí fóònù ni mo ṣì wà tí mo ti ń kọ ọ́ síbẹ̀. Bó ṣe rí nìyí:

Túsìdeè 4/3, 10:20 àárọ̀. Mo pè. Orúkọ ẹni tó gbé e, nọ́mbà tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní: "Wọ́n á pè yín kí 10:20 ọ̀la tó lù."
Wẹ́sìdeè 5/3, 10:30 àárọ̀. Wọn ò pè. Mo yẹ fóònù wò, kò sí mísìdì kọ́ọ̀lù.

Ìlà kejì yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn kì í kọ, torí wọ́n rò pé nígbà tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, kí ni èèyàn fẹ́ kọ. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an lẹ̀rí wà, ọjọ́ tí wọ́n dá fúnra wọn tí wọ́n sì yẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ wọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ o, ẹ má kọ "wọ́n ń fọgbọ́n tan mí", bínú ti wù kó bí yín tó, torí ẹlòmíì ló máa ka ìwé yẹn tó bá yá.

Nígbà tí mo tún pè, obìnrin tó gbé e ní, "Ẹ má bínú sà, a pè yín, ẹ ò gbé e." Mo ní, "Kò burú mà, ẹ jọ̀ọ́ nọ́mbà wo lẹ pè?" Ó kà á fún mi, wọ́n ti fi 6 sí ibi tó yẹ kí 9 wà. Torí pé ẹni tí wọ́n ń pè ò gbé e, wọ́n ti pa tíkẹ́ẹ̀tì yẹn dé, wọ́n wá fẹ́ ṣí tuntun fún mi. Ẹ ṣọ́ ibẹ̀ yẹn dáadáa! Tí wọ́n bá ti ṣí tuntun, lójú kọ̀ǹpútà wọn òní ni wàhálà yín bẹ̀rẹ̀. Mo kọ nọ́mbà tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì sórí ìlà kan náà, mo sì ní kó kọ ti àkọ́kọ́ sínú tuntun yẹn.

Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, mo fi ímeèlì ránṣẹ́, kò gùn rárá: "Mo bá yín sọ̀rọ̀ lónìí ní 12:10 ọ̀sán. Ẹ ti tún nọ́mbà mi ṣe, ẹ sì ní ínjíníà máa dé ní Fúráìdeè 7/3 kí 4 ìrọ̀lẹ́ tó lù. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fèsì." Ọ̀rọ̀ ẹnu ti di àkọsílẹ̀ nìyẹn, tó wà lọ́wọ́ àwọn náà.

Fúráìdeè dé, ẹnì kankan ò yọjú. Mo kọ ọ́, mo wá pe 622 ti àjọ NCC, wọn kì í gba owó kọ́ọ̀lù ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n máa fẹ́ mọ̀ pé ẹ ti kọ́kọ́ fẹjọ́ sun iléeṣẹ́ náà, wọ́n á sì béèrè nọ́mbà tíkẹ́ẹ̀tì, ojú ìwé yẹn ni mo kàn ń kà fún wọn. (Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni NCC o. Tó bá jẹ́ báńkì ló dákẹ́ fún yín, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ẹ lè kọ̀wé sí CBN ní cpd@cbn.gov.ng.)

Ìwé ò lè fipá mú ínjíníà wá, mi ò ní purọ́ fún yín. Ó ṣì pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó wá, wáyà ló já lórí òpó. Àmọ́ mo ní kí wọ́n fi ọjọ́ tí a ò fi rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lò kún sọ́bù wa, wọ́n sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti orí tíkẹ́ẹ̀tì kejì. Mo ya fọ́tò ojú ìwé yẹn, mo fi kún ímeèlì tí mo ti kọ sí wọn, wọ́n sì kà á láti 4/3.